Ẹ̀rọ Kì Í Bá Olóòtú Jà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Obìnrin ni, olóòtú ni ní ilé ìtẹ̀wé kan, kì í rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì sọ ọ́ ní Abẹ, torí pé bó bá ti gbá ìwé èèyàn mú, gígé ló máa gé e. Ká ní ẹ bi mí nípa ẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni, èébú ni ǹ bá fi dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí wé ọlọ́ṣà.

Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń wà. Láàárọ̀ mo máa kó àwọn ọmọ lọ, lọ́sàn-án mo máa kó wọn bọ̀. Láàárín méjèèjì, orí ìjókòó awakọ̀ ni mo máa ń wà, tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ìtàn sórí fóònù. Ata ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ń pè mí, wọn ò sì purọ́ mọ́ mi. Bí mo bá ti kọ díẹ̀, mo máa fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa ń tún ibi tí àtàǹpàkò mi ti ṣìnà ṣe, wọ́n á wá kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bá a ṣe kọ ọ́ títí tó fi parí nìyẹn. Ìtàn ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà ni, òun àti ọmọ ẹ̀ méjì obìnrin. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ìyá wa ni. Ìyá wa ni.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Dókítà ojú ò fepo bọyọ̀ fún wa: ó ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe kàn máa dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ ni, pé bó pẹ́ bó yá, ojú yẹn máa ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwé kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ fojú mi kà kó tó ṣú, ìwé ìyá wa ni." Èmi tí wọ́n pọ̀n, tí wọ́n rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n fún ní ẹran inú ọbẹ̀ tiwọn, kí ni mo tún fẹ́ fi san án? Lọ́jọ́ tí ilé ìtẹ̀wé gba ìwé náà, tí mo fọwọ́ sí àdéhùn, mo hó nínú bọ́ọ̀sì débi pé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fà mí lé Abẹ lọ́wọ́.

Ha! Obìnrin yìí fojú mi rí màbo. Ẹ̀gbẹ́ ìwé mi lórí kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí, èmi náà á sì fèsì sábẹ́ ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ó gùn jù, ẹ gé e." Mo ní, "Ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí ṣá?" Ó kọ ọ́ pé, "Ìyá kan ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ọmọ ẹ̀." Mo ní, "Tèmi sọ ọ́. Ẹ lọ bi tiyín." Ọ̀rọ̀ kan wà tí Abẹ fẹ́ yọ nípa bí ìyá yẹn ṣe ń po ìyẹ̀fun, ọ̀rọ̀ kan péré, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi jà lé e lórí. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bí mo bá pàdé obìnrin náà ní títì, mi ò ní tẹ bíréèkì. Wọ́n ní kí n lọ fi omi tútù bọ́jú.

Ìwé náà ti fẹ́ wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá sí ọ́fíìsì.

Yàrá kékeré kan ni, ìwé kún inú ẹ̀ débi pé fèrèsé kan ò ṣeé ṣí. Ọ̀gá tó ni ilé ìtẹ̀wé jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n ti gbé awò ojú wọn sí iwájú orí. Lọ́yà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, wà lápá ọ̀tún. Abẹ wà ní kọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà lórí itan, kò wojú mi.

Ọ̀gá ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ni. Lọ́yà, ẹ bá wa ka ibẹ̀."

Lọ́yà kà á. Ó ní òǹkọ̀wé fọwọ́ sọ̀yà pé èèyàn ló kọ ìwé yìí, pé òun fúnra òun ló kọ ọ́. Ó lè lo ohun tó ń tún sípẹ́lì ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun kọ apá kankan níbẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ìtẹ̀wé lè tú àdéhùn ká.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mo kà á kí n tó fọwọ́ sí i. Kí ló dé?"

Ọ̀gá wúkọ́. "A máa ń fi gbogbo ìwé sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó jọ pé ẹ̀rọ ló kọ díẹ̀ nínú tiyín. A wá wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti jókòó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Odindi ojú-ìwé ló ń já bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Yéè! Mo dìde. Báàgì mi já bọ́, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì yí lọ sábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Ta ni ẹ̀rọ? Èmi tí mo fi àtàǹpàkò kọ̀wé títí ó fi ń ro mí? Ẹ̀rọ ló wa bọ́ọ̀sì náà ni? Ẹ̀rọ ló sin ìyá mi?"

Lọ́yà na ọwọ́ sí mi jẹ́jẹ́. "Mà, ẹ jókòó, kò tíì sẹ́ni tó ní ẹ jẹ̀bi." Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Àwa la fẹ̀sùn kàn wọ́n, àwa la máa mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò yẹn ò rí ẹni tó kọ̀wé. Ó kàn ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra ni, ó wá ń méfò. Èdè wa gan-an, kò tíì gbọ́ ọ púpọ̀. Bí mo bá gbé e dé kóòtù, lọ́yà tiwọn á ní kí n fi ìwé ayé àtijọ́ sínú ẹ̀, ó sì lè pe ìyẹn náà ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tó ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà yẹn, ohun tó fi hàn ni pé ibòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Kò fi ẹni tó kọ ọ́ hàn."

Ọ̀gá ní, "Ibo wá ni ẹ ti kọ ọ́, mà?"

Mo ṣàlàyé fóònù, mo ṣàlàyé ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ fi àwọn mẹ́sééjì náà hàn wá."

Kò sí èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ fóònù wọn pé kí gbogbo ohun tí a bá kọ síra wa máa pa ara ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí àwòrán àti àdúrà tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ ti kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èmi fúnra mi gbọ́ bó ṣe dún. Bí mo bá jẹ́ Ọ̀gá, èmi náà ò ní gbà á gbọ́.

Ọ̀gá sọ awò wọn kalẹ̀ sójú. "Àwa ò lè fi hàn pé ẹ jẹ̀bi, ẹ̀yin náà ò lè fi hàn pé ẹ ò jẹ̀bi. Bóyá ká ṣáà gbé ìwé náà tì ná."

Ká gbé e tì ná! Mo mọ bí "ná" wọn ṣe máa ń gùn tó. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rò. Mo tẹ̀ ba, mo ń fi ọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lábẹ́ tábìlì.

Ibẹ̀ ni Abẹ ti sọ̀rọ̀ láti kọ̀rọ̀ tó wà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìjà wa. Orí Kìíní, ó ka ibi tí mo ti bi í bóyá ó ti jẹun. Orí Kejì, ó ka ibi tí mo ti ní ọ̀bẹ ẹ̀ ti kú, kó lọ pọ́n ọn. Ó ka ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun, gbogbo èébú ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ kò rẹ́rìn-ín o, bí ẹni tó ń ka ìròyìn ló ṣe ń kà á. Lọ́yà fi ìwé bo ẹnu. Ọ̀gá kọ́kọ́ gbìyànjú láti mú ojú le, kò pẹ́ tí èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Abẹ pa kọ̀ǹpútà dé. "Mo ti bá àwọn tó fi ẹ̀rọ kọ̀wé ṣiṣẹ́ rí, ẹ rántí wọn. Bí mo bá ní kí wọ́n gé e, wọ́n á gé e. Bí mo bá ní kí wọ́n yí i padà, wọ́n á yí i lójú ẹsẹ̀, torí kò sí èyí tó dùn wọ́n níbẹ̀. Obìnrin yìí bú mi ní ìbúkúbùú nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kì í bá olóòtú jà."

Lọ́yà ní, "Ìyẹn náà ò tó ẹ̀rí o. Èèyàn lè fi ẹ̀rọ kọ ọ́, kó sì tún jà."

"Mo mọ̀," ni Abẹ wí. "Mi ò pè é lẹ́rìí. Orúkọ mi ni mo fi dúró fún wọn. Bó bá já sí irọ́, èmi ni kí ẹ bi."

Ọ̀gá wò ó títí. Wọ́n wá ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sá tẹ̀ lé e. Ọpẹ́ kún inú mi, kò mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde, torí mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ ka ìwé yín fún ìgbà ìkẹyìn kó tó wọ ẹ̀rọ. Gbogbo ẹ̀ o, àti Orí Keje. Ẹ ò bá mi jà rárá nínú Orí Keje."

Mo ní, "Ibi tí ìyá ti kú ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rò pé ó ń dùn yín ni, mo sì fi yín sílẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ẹkún ni mo fi kọ orí yẹn. Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi báyìí, mi ò tún yà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí àtúnṣe Abẹ dé, ṣe ni mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo gbà fún gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọmọ tó jáde, mo ṣí i nínú bọ́ọ̀sì. Ó dùn ún kà. Ó ń yọ̀ lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Mo ń kà á bí ẹni ń ka ìtàn ẹlòmíràn, títí mo fi dé ibi tí ìyá wa wà lórí ibùsùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọwọ́ àwa méjèèjì mú, tí wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ràn ara yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìfẹ́ ni ogún tí mo fi sílẹ̀ fún yín."

Ogún kẹ̀? Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìyá wa ò sọ̀rọ̀ báyẹn láyé wọn. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn kẹ́yìn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la wà nínú yàrá náà, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé ẹ ti yọ búrẹ́dì yẹn?" A ò tíì yọ ọ́. Ó jóná. Èéfín ẹ̀ ló wá bá wa níbi tá a ti ń sunkún, a ń sunkún, a ń sáré lọ sídìí ààrò, a wá ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo wá a títí nínú Orí Keje, kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n bá mi tí mo di sítíárì bọ́ọ̀sì mú, tí omi ń dà lójú mi.

Mo já ọmọ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀, mo kọjá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo bá wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ wá ojú abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe sí Orí Keje?"

Wọ́n ronú. "Èyí tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi? Ha, àtàǹpàkò rẹ ṣìnà lọ́jọ́ yẹn kọjá ààlà. Wọ́n sì ti fi báńdéèjì dí ojú mi kan. Fóònù ní ṣé kí òun bá mi tún un ṣe, mo ní kó tún un ṣe. Ṣebí ó máa ń tún sípẹ́lì ṣe tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ẹ wá kà á lẹ́yìn tó tún un ṣe?"

"Pẹ̀lú ojú wo?"

Mo ka ibi ogún náà, tí fóònù fi ara ẹ̀ kọ, fún wọn. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Èmi Ata, ẹni tó ń bínú sí iná títì, inú ò bí mi. Àánú wọn ló ṣe mí.

Wọ́n kọjú sí mi. "Ta ló mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin."

"Lọ́yà yẹn ńkọ́? Ẹ̀rọ wọn?"

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n láyé. Wọ́n ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí ìyá wa kú."

Wọ́n ní, "Lọ sọ fún wọn."

Mo ní, "Ojú yín ńkọ́? Bí wọ́n bá tú àdéhùn ká, ta ló tún máa tẹ̀ ẹ́? Nígbà wo?"

Wọ́n jágbe mọ́ mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fẹ́ fi ojú tó ṣẹ́kù fún mi kà? Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ìyá mi? Obìnrin tó fi orúkọ ẹ̀ dúró fún ọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ kó dúró lórí ihò ni? Dìde."

Mo dìde. Ẹsẹ̀ mi wúwo dé ilé ìtẹ̀wé. Ìdí tábìlì Abẹ ni mo lọ tààrà, mo sì sọ gbogbo ẹ̀, báńdéèjì, fóònù, ogún, búrẹ́dì. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọn ì bá wá títí tí wọn ò ní rí, ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ yín gbé e wá?"

Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ fi orúkọ yín dúró fún mi. Mi ò lè jẹ́ kó já sí irọ́ láì jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ má bínú. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an." Ọpẹ́ náà ti jáde wàyí. Mo sọ ọ́ títí ó fi kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún.

Abẹ bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó wá dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Ọ̀gá."

Lọ́yà ò pọ́n mi lé. Ó ní àdéhùn ti yẹ̀, ó sì ní àìmọ̀ mi kò sọ ọ́ di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó wá ṣí ojú-ìwé mìíràn, ó ní ibì kan tún wà nínú àdéhùn kan náà: bí ohun tó yẹ̀ bá ṣeé tún ṣe, ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ fún òǹkọ̀wé láàyè láti tún un ṣe kí wọ́n tó tú u ká. "Orí kan ṣoṣo ni. Ó ṣeé tún kọ."

Ọ̀gá kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé. Kò tíì sẹ́ni tó rìn wọlé fúnra ẹ̀ wá sọ irú èyí fún mi rí. Ẹ lọ kọ ọ́, mà. A máa dúró dè yín."

Mo kúnlẹ̀. Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé ọ́fíìsì ni.

Ẹ̀bá fèrèsé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ ọ́. Mo ń kọ, wọ́n ń sọ. Ohun tí mo ti gbàgbé, wọ́n rántí ẹ̀: bí ìyá wa ṣe ń fi ìka tẹ àkéte bí ẹni ń yẹ ìyẹ̀fun wò bóyá ó ti wú. Èyí ò sí nínú ti àkọ́kọ́ pàápàá. Mo ka gbogbo ẹ̀ létí wọn kí n tó fi ránṣẹ́, mi ò sì yíjú kúrò ní ibì kankan. Lẹ́yìn náà, àtúnṣe Abẹ dé. Ojú-ìwé náà pupa yòò! "Ó gùn jù." "Ẹ gé e." Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo na àtàǹpàkò mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ìwé náà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e súnmọ́ imú wọn, wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́. Mo wà ní ilé ìdáná lọ́jọ́ tí wọ́n dé Orí Keje. Mo gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in, wọ́n rín in, wọ́n ní, "Ó jóná! Ó mà jóná lóòótọ́!" Wọ́n wá nu ojú. Ojú yẹn ti ṣú báyìí. Èmi ni mo ń ka ìwé mìíràn fún wọn, ṣùgbọ́n ti ìyá wa, wọ́n ti fojú ara wọn kà á tán.

Kó tó jáde, mo kọ odindi ojú-ìwé kan sí ẹ̀yìn ìwé náà fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Abẹ. Ó gé e. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olóòtú mi." Mo jà, mo jà, ó ní ó gùn jù. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí nìyẹn, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó. Abẹ, ẹ ṣeun. Ẹ gé ìyẹn, ká rí i.